Bí òye bá tiẹ̀ jẹ́ àjogúnbá, ìyẹn kò sọ ohun tó fa ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀yà méjì

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán nílẹ̀. Ẹni tó ń gbé e kiri á kọ́kọ́ sọ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àjogúnbá ni òye, á sì dá iye lé e: ìdá 60, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà á ní máàkì ìdánwò òye ẹ̀yà kan kéré sí ti ẹ̀yà mìíràn. Kò ní parí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Á dákẹ́, kí ìwọ tó ń gbọ́ lè parí ẹ̀ fún un pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti wá. Òtítọ́ wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìkejì náà lè jẹ́ òtítọ́ nígbà míì, tó bá jẹ́ pé iye tí wọ́n kọ sórí ìwé nìkan là ń wò. Ṣùgbọ́n ìkẹta kò jáde láti inú méjèèjì rárá, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká farabalẹ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé "ìdá 80" túmọ̀ sí pé ìdá 80 nínú òye ẹnì kan wá láti ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀, tí ìyókù sì wá láti ilé-ẹ̀kọ́ àti oúnjẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pín òye ẹnì kan ṣoṣo sí ọ̀nà méjì báyẹn. Ohun tí wọ́n ń pín ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn èèyàn. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, máàkì wọn kò dọ́gba, wọ́n wá ń béèrè pé: nínú àìdọ́gba yìí, báwo ni èyí tó bá ìyàtọ̀ jíìnì wọn rìn ṣe pọ̀ tó?

Ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì ni wọ́n ti sábà máa ń wá ìdáhùn. Àwọn ìbejì kan wá láti inú ẹyin kan tó pín sí méjì, jíìnì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn mìíràn wá láti inú ẹyin méjì, bí ọmọ ìyá yòókù ni wọ́n ṣe rí síra wọn: bí a bá pín in dọ́gba-dọ́gba, ìdajì àwọn jíìnì tó máa ń yàtọ̀ láàárín èèyàn ni wọ́n jọ ní. Wọ́n á fún gbogbo wọn ní ìdánwò kan náà, wọ́n á sì wá ìwọ̀n ìjọra máàkì wọn, láti 0 tí kò sí ìjọra kankan, dé 1 tí ìjọra náà pé pérépéré. Ká ní ti àwọn ìbejì ẹyin kan jẹ́ 0.80, ti àwọn ìbejì ẹyin méjì sì jẹ́ 0.50. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, ó ku 0.30. Nítorí pé ìdajì jíìnì péré ló ya oríṣi ìbejì méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 0.60. Ìdá 60 tí wọ́n ń pariwo nìyẹn, òun ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀n àjogúnbá. Ìṣirò ayé òde òní díjú ju báyìí lọ, àmọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú ìṣirò yẹn. Ohunkóhun tó bá kan gbogbo àwọn ìbejì náà bákan náà kò hàn níbẹ̀ rárá. Bí gbogbo wọn bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó dára, kò hàn. Bí gbogbo wọn bá mu omi tí òjé ti bà jẹ́, tí òye gbogbo wọn sì dín kù ní ìwọ̀n kan náà, kò hàn. Ìyàtọ̀ nìkan ni ìṣirò náà rí.

Ìdí nìyẹn tí iye yìí fi máa ń ṣe ohun tó ya èèyàn lẹ́nu. Jíìnì ló pàṣẹ pé kí a ní ìka mẹ́wàá lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí a bá ka ìka àwọn àgbàlagbà tí a sì ṣe ìṣirò wa, ìwọ̀n àjogúnbá á kéré gan-an, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ìka wọn kò pé, jàǹbá tàbí ẹ̀rọ ló gé e. Iye náà sì tún máa ń yí padà lára àwọn ọmọ kan náà bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2010, tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbejì láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin pọ̀, rí i pé ìwọ̀n àjogúnbá òye jẹ́ nǹkan bí ìdá 41 lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì di ìdá 66 lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Jíìnì ọmọ kò yí padà láàárín àkókò yẹn. Iye tó ń rìn báyìí lára àwọn èèyàn kan náà, mi ò mọ bí a ṣe fẹ́ gbé e kúrò lára wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Ní 1969, Arthur Jensen, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Kalifọ́níà, kọ àpilẹ̀kọ gígùn kan nípa òye àti àṣeyọrí nílé-ẹ̀kọ́. Ó gbé ìwọ̀n àjogúnbá sí nǹkan bí ìdá 80, ó sì dábàá pé ó bọ́gbọ́n mu láti fura pé jíìnì wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ máàkì láàárín àwọn dúdú àti funfun ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Richard Lewontin, onímọ̀ nípa jíìnì, dá a lóhùn pẹ̀lú àpẹẹrẹ àgbàdo kan tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí mọ̀.

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn àgbàdo méjì láti inú àpò kan náà, irúgbìn tó pọ̀ ní oríṣiríṣi. Ẹ gbin ẹ̀kúnwọ́ kan síbi tí gbogbo èròjà ilẹ̀ ti pé, tí ìtànṣán àti omi sì dọ́gba fún irúgbìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbin èkejì síbi tí ohun gbogbo ti dọ́gba bákan náà, àmọ́ tí èròjà ilẹ̀ kò pé. Ní ibi àkọ́kọ́, àgbàdo kan á ga ju èkejì lọ, jíìnì nìkan ló sì lè fà á, torí pé kò sí ohun mìíràn tó yàtọ̀. Ìwọ̀n àjogúnbá níbẹ̀ jẹ́ ìdá 100. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló rí ní ibi kejì. Ṣùgbọ́n ibi kejì lápapọ̀ á kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ilẹ̀ nìkan ló sì fa ìyẹn, torí inú àpò kan ni irúgbìn méjèèjì ti wá. Àjogúnbá pé ìdá 100 nínú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ òfo láàárín ilẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá ti lóye èyí ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti já.

Kí n má ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà: àpẹẹrẹ yìí kò fi hàn pé jíìnì kò lè fa ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀yà méjì. Ohun tó fi hàn ni pé iye tí a rí nínú ẹ̀yà kan kò lè dáhùn ìbéèrè náà, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rí ọ̀tọ̀ ló ń fẹ́.

Kì í ṣe àgbàdo nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Gíga èèyàn wà lára ohun tí àjogúnbá rẹ̀ pọ̀ jù, nǹkan bí ìdá 80 níbi tí oúnjẹ ti tó. Síbẹ̀, àwọn obìnrin Kòríà Gúúsù fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 ga sí i láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Òye náà ní irú ẹ̀. James Flynn kó èsì ìdánwò jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́rìnlá ní 1987, ó sì rí i pé máàkì ń gòkè níbi gbogbo. Ní Nẹ́dálándì, ìdánwò kan náà ni wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n pè wá sí iṣẹ́ ológun láti 1952 sí 1982, máàkì wọn sì fi nǹkan bí 20 gòkè. Ìyẹn ju ìyàtọ̀ máàkì 15 láàárín dúdú àti funfun, tí àríyànjiyàn Jensen dá lé lórí, lọ. Àwọn bàbá àti àwọn ọmọ ló wà nínú ìṣirò yẹn. Kò sí bí jíìnì ṣe lè yára yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Kí a tó béèrè ohun tó fa ìyàtọ̀ máàkì pàápàá, ó yẹ ká béèrè bóyá ohun kan náà ni ìdánwò náà ń wọ̀n lọ́dọ̀ ẹ̀yà méjèèjì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà fún nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 ọkùnrin ní ìdánwò òye. Nínú ọ̀kan lára ìbéèrè rẹ̀, wọ́n ní kí ológun sọ bóyá Crisco jẹ́ oògùn, apakòkòrò, ọṣẹ ìfọyín tàbí oúnjẹ. Ọ̀rá ìdáná tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti Ítálì tàbí Rọ́ṣíà, níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ní 1923, Carl Brigham ti Yunifásítì Princeton tú èsì náà wò. Ó rí i pé bí àkókò tí àwọn àjèjì ti lò ní Amẹ́ríkà bá ṣe pọ̀ tó ni máàkì wọn ṣe ń gòkè tó, títí tí àwọn tó ti lé ní ogún ọdún níbẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn ọmọ ìlú dọ́gba. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ gbangba ni pé wọ́n ń kọ́ èdè àti àṣà ìlú. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ ni pé àwọn tó ń dé lẹ́nu àìpẹ́ wá láti ìran tí òye rẹ̀ kéré. Ní 1930, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ kò ní ìpìlẹ̀.

Ọ̀nà wà láti mọ̀ bí ìbéèrè kan bá ń ṣègbè. Ẹ mú àwọn tí àpapọ̀ máàkì wọn dọ́gba láti ẹ̀yà méjèèjì, kí ẹ wá wo ìbéèrè náà nìkan. Bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà kan bá gbà á, tí ọ̀pọ̀ nínú èkejì sì kùnà, ìbéèrè náà ń wọ̀n nǹkan mìíràn mọ́ òye. Ó ní ibi tí àyẹ̀wò yìí mọ o: bí gbogbo ìbéèrè bá jọ ṣègbè lọ́nà kan náà, àpapọ̀ máàkì fúnra rẹ̀ ti tẹ̀, kò sì ní tú u fó.

Lóde òní, àwọn kan ti fi ìbejì sílẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò ka jíìnì fúnra rẹ̀. Ní 2018, ìwádìí tó lo èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, tí ìran gbogbo wọn wá láti Yúróòpù, kó àwọn àmì jíìnì jọ tó lè ṣàlàyé nǹkan bí ìdá 11 nínú ìyàtọ̀ iye ọdún tí èèyàn lò nílé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n lo àmì kan náà fún àwọn dúdú ní Amẹ́ríkà, ó já sí ìdá 1.6 péré. Àwọn àmì náà kì í sábà jẹ́ jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dúró sí, ìdúró yẹn sì máa ń yàtọ̀ láti ìran dé ìran. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nínú ìwádìí tó tẹ̀ lé e ní 2022, nígbà tí wọ́n fi ọmọ ìyá wé ọmọ ìyá, tí ilé àti òbí wọn jẹ́ ọ̀kan náà, agbára àmì náà já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. A jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní jíìnì nínú iye yẹn, ilé, òbí àti àwùjọ tí a bí èèyàn sí ló wà níbẹ̀, láàárín àwọn tí ìran wọn tiẹ̀ jọra.