Ṣé ó yẹ kí iye owó wà nínú ímeèlì àkọ́kọ́ sí oníbàárà?

Ímeèlì àkọ́kọ́ tí à ń sọ níhìn-ín ni èyí tí oníṣẹ́ ọwọ́ kọ sí ilé iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí kò sì tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti gbé ọ̀rọ̀ owó gbà nínú rẹ̀. Ó lè dárúkọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù pa pọ̀, ó lè sọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìkan, ó sì lè má mẹ́nu kan owó rárá.

Ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, oníbàárà ti fọwọ́ kan aṣọ kó tó béèrè pé èló ni, bí iye náà bá sì ga lójú rẹ̀, yóò dúró ná an. Ẹni tó ń ka ímeèlì kì í ná ọjà: bí iye tó rí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ńṣe ni yóò dákẹ́. Nítorí náà, àṣà pé kí a bu owó lé ọjà kí àyè lè wà fún ìdúnàádúrà kò wúlò níbẹ̀ rárá.

Inú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí a ti ṣe kọjá ni ìpinnu lórí èyí tó yẹ nínú ọ̀nà mẹ́ta náà ti ń wá. Ẹ jẹ́ ká mú aláró kan ní Ìtòkú tó fẹ́ kọ̀wé sí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ní Èkó, kí wọ́n lè máa ra àdìrẹ fún aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ká ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ọ̀pá márùn-ún tó kéré jù lówó jẹ́ ₦9,000, tí èyí tó wọ́n jù sì jẹ́ ₦30,000. Bí ó bá kọ iye méjèèjì yìí sílẹ̀, ẹnì kan yóò di ₦9,000 mú bí ẹni di ẹ̀rí mú, ẹlòmíràn yóò rí ₦30,000, yóò sì pa ímeèlì náà dé. Ohun tó yẹ kó béèrè ni ìdí tí àlàfo náà fi gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Yóò rí i pé oníbàárà ló mú aṣọ funfun tirẹ̀ wá fún iṣẹ́ ₦9,000, tí iṣẹ́ náà kò sì ju àdìrẹ oníkò aláwọ̀ kan lọ, nígbà tí iṣẹ́ ₦30,000 jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ ya lọ́wọ́, tí wọ́n sì rẹ nínú aró lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí èyí tí hòtẹ́ẹ̀lì ń wá nínú méjèèjì. Bí ó bá yọ wọ́n kúrò, tí ó wo kìkì iṣẹ́ aláwọ̀ kan tí a fi páànù tí a gé ya, tí kò sì dín ní àádọ́ta aṣọ, gbogbo rẹ̀ lè bọ́ sí àárín ₦13,000 sí ₦17,000. Èyí ṣeé kọ báyìí:

“Fún àdìrẹ aláwọ̀ kan, tí ó bá tó àádọ́ta, ọ̀pá márùn-ún kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ́ ₦13,000 sí ₦17,000, gẹ́gẹ́ bí irú aṣọ funfun tí ẹ bá yàn. Iye yìí dúró títí di ìparí oṣù yìí.”

Gbólóhùn kejì ṣe pàtàkì, nítorí owó aṣọ funfun àti ti aró kì í dúró lójú kan. Lójú tèmi, bí iye tó ga bá ti ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tó kéré lọ, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti kó pọ̀ sójú kan.

Iye ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹni tó bá ka “láti ₦9,000” kì í rántí “láti” mọ́ lọ́jọ́ kejì. Bí ìwé owó ₦16,000 bá sì dé, yóò dà bíi pé a fowó kún un, bẹ́ẹ̀ iye tó tọ́ gan-an ni. Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe: bí kò bá sí ẹni tó sábà ń sanwó yẹn nínú àwọn oníbàárà tó jọ èyí tí ẹ ń kọ̀wé sí, ẹ má ṣe kọ ọ́.

Ó tọ́ kí a má kọ iye kankan bí ohun tí a kò mọ̀ bá lè yí owó padà pátápátá, fún àpẹẹrẹ bí hòtẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ kọ́tìnì fún yàrá tí a kò tíì wọn fèrèsé rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ sọ ohun tó ń pinnu owó, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó rọrùn láti dáhùn, irú bíi iye yàrá tí wọ́n ní. “Owó wa kò wọ́n” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pa á rẹ́.

Èsì ni yóò fi hàn bí a bá ṣìnà. Bí ọ̀pọ̀ bá ń béèrè pé èló ni, tí wọ́n sì ń dákẹ́ lẹ́yìn tí a bá sọ ọ́, ó yẹ kí iye náà ti wà nínú ímeèlì àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ń di iye tó kéré mú, iye yẹn kì í ṣe òótọ́ fún wọn. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn rárá, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra aṣọ fún hòtẹ́ẹ̀lì náà ni ímeèlì náà dé.