Okùn Já, Okùn Tú: Bí A Ṣe Ń Máàkì Àlàfo Tó Gba Ju Ọ̀rọ̀ Kan Lọ

Ní Yorùbá, okùn ló ń já, ìgò ló ń fọ́, igi ló ń ṣẹ́, aṣọ ló ń ya. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ti mọ́ lẹ́nu máa ń fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kárí gbogbo wọn, ìdí sì nìyí tí tíṣà fi máa ń dán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Ká ní ó kọ èyí sójú pátákó, tó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo:

Okùn náà ____ nígbà tí ewúrẹ́ fà á.

*Já* ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gba ìwé wọn, ó bá *já, tú, le, fọ́, jà* àti *ja* níbẹ̀.

Kò gbọdọ̀ tíì máàkì ẹnikẹ́ni. Kí ó kọ́kọ́ wo àlàfo yìí nínú gbogbo ìwé, kí ó kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá rí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀rọ̀ ni yóò dájọ́ fún, kì í ṣe ọmọ. Ẹni tó ń dájọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé lè fún ọmọ tó mọ̀wé ní máàkì lórí *tú*, kó sì fi *tú* kan náà gé máàkì ọmọ tó máa ń pariwo ní kíláàsì, láìfura.

Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú àlàfo, kí ó ka gbólóhùn náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. *Okùn náà fọ́*: etí kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. *Okùn náà tú nígbà tí ewúrẹ́ fà á*: kókó tí wọ́n ta kò fún dáadáa ni, ewúrẹ́ sì ti lọ. *Okùn náà le*: ewúrẹ́ fà á, okùn nà tantan. Mẹ́ta ló délé nínú mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ni tíṣà ń retí.

Ibí ni àríyànjiyàn máa ń wà. Àwọn kan á ní kí wọ́n fún *tú* ní ààbọ̀ máàkì. Èmi kò gbà. Ẹni tó sún mọ́ ìdáhùn ni ààbọ̀ tọ́ sí. *Tú* kò sún mọ́ ọn, ó débẹ̀. Bí tíṣà bá ti kọ ọ́ sókè ìbéèrè pé inú *já, fọ́, ṣẹ́* àti *ya* ni kí wọ́n ti mú, *tú* ti kùnà nìyẹn. Bí kò bá kọ ọ́, ìbéèrè ló ní àbùkù.

Wilson Taylor, tó gbé ìdánwò àlàfo tí wọ́n ń pè ní "cloze" jáde ní 1953, gba ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé gan-an lò nìkan. Ṣùgbọ́n bí àyọkà ṣe rọrùn kà sí ló fẹ́ wọ̀n, kì í ṣe ìmọ̀ ọmọ kan.

Ó ku *jà* àti *ja*. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni *jà*, ti ìjà ni, okùn kì í sì í jà. *Ja* ló gba sùúrù: ẹ wo ìyókù ìwé ọmọ náà. Bí kò bá fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kankan, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ èyí tó ní lọ́kàn. Bí ó bá fi sórí àwọn yòókù, tó wá fi èyí sílẹ̀, ohùn àárín ló kọ, ó sì ṣì í. Bí àmì ohùn bá wà lára ohun tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì, ààbọ̀ máàkì tó *ja*.

Lórí kọ̀ǹpútà, ìṣòro mìíràn tún wà. Ọ̀nà méjì ni *á* lè gbà wọlé: gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, tàbí *a* àti àmì tó tẹ̀ lé e. Ojú wa rí nǹkan kan náà, kọ̀ǹpútà rí méjì, á sì gé máàkì ìdáhùn tó tọ̀nà. Ẹni tó ń kọ ètò tirẹ̀ ní láti sọ ìdáhùn ọmọ àti ìdáhùn tirẹ̀ di oríṣi kan kó tó fi wọ́n wéra:

```python
import unicodedata
unicodedata.normalize("NFC", idahun.strip().lower())
```

Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá yọjú lẹ́yìn tí máàkì ti bẹ̀rẹ̀, tí tíṣà sì gbà á, kí ó padà sórí àwọn ìwé tó ti kọjá, torí ó lè ti gé e fún ẹlòmíràn.

Fún ọdún tó ń bọ̀, gbólóhùn náà ni kí ó tún ṣe: *Okùn náà ____ sí méjì nígbà tí ewúrẹ́ fà á.* *Tú* àti *le* bọ́ kúrò níbẹ̀. Kí ó fún tíṣà méjì mìíràn láti dí i láìfi ìdáhùn hàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn lè kọ *pín*, ó sì sàn kí àríyànjiyàn orí *pín* parí nínú yàrá àwọn tíṣà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.