Hóró Oògùn Tí A Lọ̀ fún Ọmọdé: Ibi Tí Kò Ti Jẹ́ Oògùn Kan Náà Mọ́

Ìgbàgbọ́ kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn òbí ní Òṣogbo pé hóró oògùn kò ju ìyẹ̀fun tí wọ́n kì pọ̀ lọ, àti pé bí ọmọdé kò bá lè gbé e mì, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè gé e, kó lọ̀ ọ́, tàbí kó pò ó mọ́ ẹ̀kọ, kí iṣẹ́ oògùn náà má sì yí padà rárá. Fún àwọn oògùn kan, òótọ́ ni. Ohun tó sọ ọ́ di ìgbàgbọ́ òdì ni pé a gbé e lé gbogbo oògùn lórí láì béèrè bí wọ́n ṣe ṣe hóró tó wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ àwọn tí kò ní wàhálà kúrò. Hóró síńkì tí wọ́n máa ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, àti hóró oògùn ibà tí wọ́n ṣe fún ọmọdé láti yọ́ nínú omi, ni wọ́n dìídì ṣe bẹ́ẹ̀ nílé iṣẹ́. Síńkì mílígíráàmù 20 yóò yọ́ sínú ṣíbí kékeré kan omi mímọ́ tàbí omi ọyàn ìyá. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 yóò gba ìdajì rẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó bẹ̀rù láti pò irú wọn.

Hóró tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe ìpalára jù lójú tèmi ni èyí tí wọ́n ṣe kí oògùn inú rẹ̀ máa jáde díẹ̀díẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni kabamasepíìnì, oògùn wárápá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Tẹgiretọ́ọ̀lù. Oríṣi hóró rẹ̀ wà tí ó jẹ́ ti gbogbogbòò, òmíràn sì wà tí wọ́n kọ CR mọ́ orúkọ rẹ̀ lára páálí. Nínú hóró CR yìí, wọ́n ti bo oògùn náà ní wóróńwóró kéékèèké, kí ó lè máa jò jáde nínú ìfun fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nítorí náà, iye tó yẹ kí ara máa gbà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni wọ́n kó sínú hóró kan ṣoṣo.

Ká sọ pé ọmọ ọdún 6 kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó wọn kílò 20, tí dókítà sì ní kó máa lo hóró CR mílígíráàmù 200 ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ọmọ náà ń pọ̀ ọ́ jáde, ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ. Ní kété tí ó lọ̀ ọ́, ìbòrí àwọn wóróńwóró yẹn ti fọ́, oògùn tó yẹ kó rọra wọlé yóò sì ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ láàrin wákàtí díẹ̀. Ọmọ náà lè máa tòògbé, kó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá ń rìn, kó ní nǹkan kan ń di méjì lójú òun, tàbí kó bì. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, oògùn ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ṣáájú kí ti alẹ́ tó dé, wárápá sì lè gbé e ní àsìkò yẹn.

Àsìkò yìí gan-an ni a fi ń dá ìṣòro náà mọ̀. Bí òògbé àti ìrìn gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bá ń tẹ̀ lé oògùn ní gbogbo ìgbà tí a bá fún un, tí wárápá sì máa ń gbé ọmọ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó lo òmíràn, ó yẹ kí a béèrè bí wọ́n ṣe ń fún un ní oògùn náà. Ìyá tí kò mọ èyí lè rò pé oògùn náà le jù tàbí pé kò ṣiṣẹ́, kó sì dá a dúró lójijì, ewu rẹ̀ sì tún ju ti lílọ̀ lọ, nítorí pé dídá oògùn wárápá dúró lójijì lè mú kí wárápá gbé ọmọ láì tètè dáwọ́ dúró.

Ìlà tí wọ́n fà sí àárín hóró náà a máa tan ènìyàn jẹ. Òótọ́ ni pé a lè gé Tẹgiretọ́ọ̀lù CR sí méjì lórí ìlà yẹn bí dókítà bá ní kí ọmọ lo ìdajì, nítorí pé àwọn wóróńwóró inú rẹ̀ ṣì ní ìbòrí wọn. Ṣùgbọ́n ìdajì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ gbígbé mì láì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ìlà kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti lọ̀ ọ́. Àwọn hóró mìíràn sì wà tí oògùn wọn ń jáde díẹ̀díẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ gé rárá.

Fún ọmọ tí a sọ yìí, kabamasepíìnì olómi wà, tí mílígíráàmù 100 wà nínú mílílítà 5 rẹ̀. Àpapọ̀ mílígíráàmù 400 òòjọ́ rẹ̀ yóò jẹ́ mílílítà 20, ṣùgbọ́n nítorí pé olómi máa ń yára wọ ẹ̀jẹ̀, dókítà lè pín in sí mílílítà 5 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Dókítà ni yóò ṣe ìyípadà náà, kì í ṣe ìyá, kì í sì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn. A sì gbọ́dọ̀ gbọn ìgò náà dáadáa kí a tó fà á, nítorí oògùn máa ń rẹlẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Yàtọ̀ sí CR, àwọn lẹ́tà bíi SR, XR, MR àti LA tún máa ń sọ pé oògùn ń jáde díẹ̀díẹ̀. EC ní tirẹ̀ ń sọ pé ìbòrí hóró náà kò gbọ́dọ̀ yọ́ títí yóò fi kọjá ikùn: nínú daikilofẹ́náàkì, oògùn ìrora, ikùn ni ìbòrí náà ń dáàbò bò lọ́wọ́ oògùn. Omepirasóòlù, oògùn ọgbẹ́ inú, náà ní irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ bí a kò bá tilẹ̀ kọ EC sí i, nítorí pé omi kíkan inú ikùn yóò ba oògùn náà jẹ́. Ìṣòro wa ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta oògùn máa ń gé sáṣẹ́ẹ̀tì, wọn a sì kó hóró mélòó kan sínú ọ̀rá fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà náà ti ṣẹ́ kù sára páálí. Àìrí lẹ́tà kankan kò wá túmọ̀ sí pé a lè lọ oògùn náà.

Oògùn kan tún wà tí ewu rẹ̀ wà fún ẹni tó ń lọ̀ ọ́. Haidirọksiyúríà ni, èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Eruku rẹ̀ kò yẹ kó kan ara tàbí wọ imú, obìnrin tó lóyún kò sì gbọ́dọ̀ tú kápúsù rẹ̀ rárá. Bí ọmọ kò bá lè gbé e mì, ilé ìwòsàn tó fún un ní oògùn ni kó sọ bí wọn yóò ṣe ṣe é.

Ní ti hóró tí apòògùn bá ní a lè lọ̀, ṣíbí oúnjẹ tútù kan péré ni kí a pò ó mọ́, kí a sì fún ọmọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá pò ó mọ́ ife ẹ̀kọ kan, tí ọmọ mu ìdajì, kò mọ iye oògùn tó wọlé. A kò gbọ́dọ̀ fi oyin pò ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Bí a bá sì ti lọ hóró CR fún ọmọ ṣáájú kí a tó mọ̀, kí a má ṣe fipá mú un bì, kí a má sì dá oògùn náà dúró fúnra wa. Kí a pe dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń sùn tí ó ṣòro láti jí i, bí kò bá lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí bí ó bá ń bì léraléra, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì mú páálí oògùn náà dání.