Sikánà ní páálí 6, ráàkì ní 4: kí ló yẹ kí n tẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Olúyọ̀lé, n'Íbàdàn níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Sikánà ọwọ́ mi, ẹ̀rọ tó ń sọ ọjà tí a máa mú, ní kí n mú páálí mílíìkì 6 ní àyè C-07-2-B lórí ráàkì. Mo débẹ̀, 4 ni mo bá. Mílíìkì kan náà kún C-07-3-B tó wà lókè rẹ̀ gan-an, ni mo bá mú 2 níbẹ̀, ó pé 6, mo sì tẹ CONFIRM. Súpáfáísọ̀ wa bínú sí mi gidigidi. Kí ni mo ṣe tó burú, nígbà tí ọjà oníbàárà pé?

Ìdáhùn: Ọjà oníbàárà yẹn pé lóòótọ́. Ìṣirò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló dàrú, kò sì ní í hàn lójú ẹsẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí sikánà yín kì í kàn mọ iye mílíìkì tó wà nínú ilé lápapọ̀. Ó ní àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ fún àyè kọ̀ọ̀kan lórí ráàkì. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé 6 wà ní C-07-2-B, 30 sì wà ní C-07-3-B. Ohun tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́ ni 4 àti 30. Bí ẹ ṣe tẹ CONFIRM sí 6, ó yọ 6 kúrò lára C-07-2-B, ó ku òfo. Ẹni bá wo ibẹ̀ yóò bá òfo lóòótọ́, torí náà kò sẹ́ni tó máa fura. Àmọ́ ní C-07-3-B, kọ̀ǹpútà ṣì gbà pé 30 ló wà níbẹ̀, 28 ló sì kù. Páálí 2 tó ti sọnù kí ẹ tó dé ti wá kúrò níbi tó ti sọnù, ó lọ jókòó síbi tí ohunkóhun kò ti sọnù rí.

Ká ní lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oníṣòwò kan ní Gbági ra páálí 30. Kọ̀ǹpútà máa rí i pé 30 gééré ló wà ní C-07-3-B, yóò ní kí awakọ̀ fọ́ọ̀kílífùtì gbé gbogbo pálẹ́ẹ̀tì yẹn sọ̀kalẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, wọ́n kà á, 28. Wọ́n á bi í léèrè, kò ní mọ èsì tó máa fọ̀, nítorí òun kọ́ ló ṣe é. Mọ́tò ti ń dúró de ẹrù. Àwọn 2 àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kó ọjà wọlé ti gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn, kí wọ́n ṣì wà nínú ilé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wá wọn, torí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé wọ́n sọnù ní C-07-2-B.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Nínú ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣètò rẹ̀ ni pé ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ni kó kọ́kọ́ jáde. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ ìdí tí sikánà fi gbé yín lọ sí C-07-2-B dípò òkè. Bí ẹ bá mú 2 lókè, ìwé tó tẹ̀lé ẹrù yìí á máa sọ pé gbogbo 6 wá láti báàṣì ti ìsàlẹ̀, ìyẹn ọjà tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. NAFDAC ní kí nọ́ńbà báàṣì àti ọjọ́ tí ọjà kò ní í dára mọ́ wà lára oúnjẹ tí wọ́n dì, ìdí kan sì ni pé tí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kó báàṣì kan padà, wọ́n á mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó wà. Tí ìwé yín bá ti yàtọ̀ sí páálí, ẹ ó máa pe ẹni tí kò ní i, ẹni tó ní i á sì máa tà á lọ.

Ìbéèrè: Ó yé mi. Kí wá ni kí n ṣe lọ́jọ́ mìíràn tí mo bá débẹ̀ tí kò pé?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò pé lóòótọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ó pé, ojú ni kò rí i.

Ẹ wo àmì tó wà lára irin ráàkì. Àyè ìsàlẹ̀ àti àyè òkè sábà máa ń ní àmì tiwọn lórí irin kan náà, ọfà kan dojú kọ òkè, ìkejì dojú kọ ilẹ̀. Ẹni tó bá ń yára a ka 2 sí 3. Tí sikánà yín bá ní kí ẹ tẹ nọ́ńbà kékeré tó wà lára àmì yẹn kí ó tó jẹ́ kí ẹ mú ọjà, ẹ má fi orí rántí rẹ̀ láti àná. Ẹ kà á lójú àmì. Torí pé ojú yín máa ń fò ó ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ba, ẹ wo ẹ̀yìn pálẹ́ẹ̀tì. Páálí mílíìkì a máa yọ́ lọ sẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa ti iwájú jáde, á wá dúró síbi tí òjìji òkè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì pẹ̀lú, ó tó àyè kan péré sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ilẹ̀. Kí ẹ má ṣe fi ojú rìn gbogbo ọ̀nà C, iṣẹ́ ẹni tó ń ka ọjà nìyẹn.

Ẹ tún wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà lójú sikánà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, CS ni páálí, EA ni ẹyọ kan. 6 EA kì í ṣe páálí 6. Ẹyọ 6 tí ẹ máa yọ nínú páálí kan tí wọ́n ti ṣí ni.

Tí ó bá jẹ́ 4 náà ni, ẹ kó 4, ẹ tẹ 4, kì í ṣe 6, kì í sì í ṣe 0. Sikánà á ní iye náà kò pé, á bèèrè ìdí. Orúkọ bọ́tìnnì yẹn yàtọ̀ láti ilé dé ilé, SHORT ló wọ́pọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá yan ìdí, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀. Bóyá kọ̀ǹpútà wá àyè mìíràn tó ní mílíìkì yẹn, ó fi páálí 2 tó kù kún lísìtì yín. Ó lè jẹ́ C-07-3-B gan-an! Ẹ wò ó, ibẹ̀ náà lẹ ó padà lọ, àmọ́ ní báyìí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ẹ lọ, 30 á di 28 lójú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lísìtì á tẹ̀ síwájú láìsí 2 yẹn, ẹ ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ní ọ̀nà méjèèjì, ilé tó bá ṣètò dáadáa á ti fi C-07-2-B sórí lísìtì ẹni tó ń ka ọjà, kí wọ́n wá mọ ibi tí 2 wọlé sí.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù bọ́tìnnì yìí, wọ́n rò pé wọ́n ń fi ara wọn sùn. Ní tèmi o, ẹni tí kì í tẹ̀ ẹ́ rárá ni kí súpáfáísọ̀ máa ṣọ́.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí sikánà fi máa ń gbé mi kọjá níwájú bísíkíìtì, tí á ní kí n lọ mú jálá òróró lọ́hùn-ún, tí á tún wá dá mi padà síbi bísíkíìtì? Ṣé kì í fi ẹsẹ̀ ènìyàn ṣòfò?

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló ń rò, pálẹ́ẹ̀tì yín ló ń rò. Ohun tó wúwo ló máa ń wà ní ìpìlẹ̀, ohun tó rọrùn láti fọ́ ló máa ń gorí. Tí ẹ bá kọ́kọ́ to bísíkíìtì torí ó sún mọ́ yín, ẹ ó ní láti tún un tò nígbà tí jálá òróró bá dé, tàbí kí ẹ gbé òróró lé e lórí. Ojú ọ̀nà láti Olúyọ̀lé dé Mọ́níyà á sì parí èyí tó kù. Bí ẹ bá ṣàkíyèsí pé ó ń gbé yín pààrà tí ìwúwo kò sì sí nínú rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà àyè méjèèjì sílẹ̀ fún súpáfáísọ̀. Ìyẹn ṣeé tún ṣe nínú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ pé ẹni tó tẹ àyè yẹn sínú rẹ̀ ló ṣi í tẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa sikáànì páálí kọ̀ọ̀kan ni, tàbí kí n sikáànì ọ̀kan kí n tẹ 6?

Ìdáhùn: Bí òfin ilé yín bá gbà yín láàyè láti tẹ 6, tí ọjà náà sì jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, kò burú. Ibi tó ti ń pa ènìyàn ni ọjà tí páálí rẹ̀ jọra. Núdù adìyẹ àti núdù alálùbọ́sà lè jẹ́ àwọ̀ kan náà, tí ọ̀rọ̀ kékeré kan péré yà wọ́n. Tí ẹnì kan bá ti to méjì alálùbọ́sà mọ́ ti adìyẹ, ẹ sikáànì tòkè, sikánà gbà á, ẹ tẹ 6, ẹ ti kó aṣìṣe lọ. Irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹ sikáànì gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ sì mọ bákóòdù tí ẹ ń sikáànì. Ti ẹyọ ọjà sábà máa ń ní nọ́ńbà 13, ti páálí máa ń ní 14. Tí páálí bá ya, tí iná sikánà wọ inú ihò náà bá bákóòdù ẹyọ, ẹyọ 1 ló máa kà, kò ní ka páálí 1. Bí iye lójú sikánà bá kéré ju ohun tó wà lọ́wọ́ yín, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Ìbéèrè: Iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lọ, ojú sikánà dúró gbagidi lẹ́yìn tí mo tẹ CONFIRM. Mo tún un tẹ̀. Ṣé ó ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?

Ìdáhùn: Ẹ má tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókè àjà máa ń kú, wọ́n sì máa ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó jí. Ẹ dúró síbi tí ẹ wà, ẹ má fi orí rántí èyí tó kàn kí ẹ máa mú un. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà, ẹ wọlé padà pẹ̀lú nọ́ńbà yín, lísìtì á ti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà wá, kì í ṣe láti inú sikánà. Ẹ wo ìlà tí ẹ tẹ̀ kẹ́yìn. Tí ó bá ti kúrò, ó ti wọlé. Tí ó bá ṣì wà, kò tíì wọlé, ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí iye tó kọ bá ju ohun tó wà lórí pálẹ́ẹ̀tì yín lọ, ẹ pe súpáfáísọ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi páálí náà hàn án bó ṣe wà.