Gbèdéke Ìfiwéra: Ohun tí àmì H àti L ń sọ nínú ìwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Lórí ìwé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn orúkọ ohun tí wọ́n wọ̀n, iye tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ àti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi kà á, iye méjì kan tún wà tí wọ́n fi ìlà kékeré pààlà sí láàárín, irú bíi 3.5–5.0. Iye méjì yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìlera ní èdè wa ń pè ní "ìwọ̀n tó dára". Àwọn mìíràn ń pè é ní "ìwọ̀n ìlera", àwọn tí kò sì fẹ́ rò ó jìnnà ń kọ "nọ́mà" sílẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Mi ò fara mọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé wọ́n ti ṣi aláìsàn lọ́nà kí ó tó ka ohunkóhun. Ẹni tí a bá sọ fún pé ìwọ̀n tó dára kò ju 5.0 lọ, tó wá rí 5.3 lórí ìwé tirẹ̀, yóò gbà pé nǹkan ti bàjẹ́ lára òun. Ẹni tó bá sì rí 4.9 yóò fọkàn balẹ̀, ìbáà yẹ kó fọkàn balẹ̀, ìbáà má yẹ. Gbèdéke ìfiwéra ni èmi ń pè é, orúkọ yìí ni mo sì fẹ́ gbèjà, torí pé ohun tí wọ́n ṣe gan-an ló ń sọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rí iye méjèèjì náà. Wọn yóò kó àwọn ènìyàn tí ara wọn le jọ, ó kéré tán 120 gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ń tẹ̀ lé, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn yóò to èsì náà láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ni wọn yóò gé ìdá 2.5 nínú 100 kúrò nísàlẹ̀, kí wọ́n tún gé ìdá 2.5 kúrò lókè. Ibi tí wọ́n gé e dé ní ìhà méjèèjì ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé. Ara gbogbo àwọn tí wọ́n gé kúrò yẹn le bí ara àwọn tó kù. Nítorí náà, nínú 100 ènìyàn tí kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n, 5 yóò bọ́ sí ìta gbèdéke lórí àyẹ̀wò kan ṣoṣo, kò sì sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn wọn. Bí a bá wá ṣe 20 àyẹ̀wò fún ẹnì kan náà, tí àwọn àyẹ̀wò náà kò sì gbára lé ara wọn, ó tó 64 nínú 100 àwọn tí ara wọn le tí yóò rí ó kéré tán àmì kan lórí ìwé wọn. Báwo ni a ṣe máa wá pe ohun tí a rí báyìí ní ìwọ̀n ìlera? Ènìyàn ni wọ́n fi wé ènìyàn, ìfiwéra náà ló sì yẹ kó wà nínú orúkọ rẹ̀. Àwọn kan sọ pé ọjọ́ la ń fi gbèdéke sí, pé kò bá iye mu. Mi ò gbà. A ń fi gbèdéke sí owó, a ń fi sí ọjọ́ orí, ibikíbi tí a bá ti sọ pé "kó má kọjá ibí" ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan náà ló mú kí n má fara mọ́ "àmì ewu" fún lẹ́tà H àti L tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì. Àmì àkíyèsí ni wọ́n. H wà fún ohun tó ga ju gbèdéke lọ, L sì wà fún ohun tó rẹlẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ wọ́n, kò mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀, kò mọ oògùn tó ń lò, 5.1 àti 7.5 sì lè gba H kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ HH tàbí LL, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, irú èsì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó dókítà létí lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi gígùn ẹsẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá wọn ẹsẹ̀ 120 àgbàlagbà, a ó rí gbèdéke tí ẹsẹ̀ àwọn tó pọ̀ jù yóò bọ́ sí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju gbèdéke náà lọ láti ìgbà tó ti dàgbà kò ṣàìsàn. Bàtà ńlá ló nílò. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí bàtà rẹ̀ ṣàdédé há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ láàárín oṣù kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó sì gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀, kódà bí ẹsẹ̀ náà kò bá tíì jáde kúrò nínú gbèdéke àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìwé èsì kan yẹ̀ wò, ti ọkùnrin ẹni 50 ọdún kan tí kò sọ pé ohunkóhun ń ṣe òun. Pọtásíọ̀mù rẹ̀ jẹ́ 5.8 mmol/L, gbèdéke rẹ̀ jẹ́ 3.5–5.0, wọ́n sì tẹ H sí i. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ jẹ́ 3.4 lórí òṣùwọ̀n 10⁹/L, gbèdéke jẹ́ 4.0–11.0, niutirófìlì, ẹ̀yà kan nínú wọn tó ń bá kòkòrò jà, jẹ́ 1.4, gbèdéke jẹ́ 2.0–7.0, L ni wọ́n tẹ̀ sí méjèèjì. Kiriátíníìnì rẹ̀ jẹ́ 106 µmol/L, gbèdéke jẹ́ 60–110, wọn kò sì tẹ àmì kankan sí i.

Pọtásíọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ dẹ́rù bani, nítorí pé bí ó bá ga jù nítòótọ́, ó lè da lílù ọkàn rú. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kí a wo ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí onímọ̀ àyẹ̀wò máa ń kọ àkíyèsí sí. Lórí ìwé yìí, wọ́n kọ ọ́ pé hẹmólísíìsì wà, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ti fọ́ nínú ìgò. Pọtásíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ ju tinú omi tó yí i ká lọ ní ìlọ́po 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà, bí sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ bá fọ́, ohun tó tú jáde yóò gbé èsì sókè láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà nínú ara ẹni náà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fi agbára fa ẹ̀jẹ̀ gba inú abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín, tàbí bí wọ́n bá gbo ìgò náà pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń di ẹ̀ṣẹ́ tó sì ń tú u léraléra nígbà tí wọ́n so okùn mọ́ ọn lápá, àti ẹ̀jẹ̀ tó pẹ́ nínú fíríìjì kí wọ́n tó ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀, lè gbé e ga bákan náà láìsí hẹmólísíìsì rárá. Ojú lásán lè rí èyí tó fọ́ dáadáa: omi tó máa ń lé sókè nínú ìgò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ yí i yẹ kó ní àwọ̀ bíi ti koríko gbígbẹ, ṣùgbọ́n yóò pọ́n.

Síbẹ̀, hẹmólísíìsì kò dá èsì náà láre. Ohun tó sọ ni pé a kò tíì mọ iye tó jẹ́. Àtúnṣe àyẹ̀wò ni ọ̀nà kan ṣoṣo, kíákíá sì ni, pàápàá fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń dá pọtásíọ̀mù dúró nínú ara. Bí iye bá sì ti tó 6.5, kì í ṣe ohun tí a ń gbé sùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ wo bí ọkàn ṣe ń lù lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin wa yìí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì jẹ́ 4.4.

Ti sẹ́ẹ̀lì funfun ńkọ́? Ìwé èsì rẹ̀ ti ọdún tó kọjá ló dáhùn: 3.5, niutirófìlì sì jẹ́ 1.4. Èyí tó ṣáájú ìyẹn fara jọ ọ́, kì í sì í ṣe ẹni tí àkóràn ń dà láàmú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Áfíríkà wá ni àyípadà kan wà nínú àbùdá wọn tí kì í jẹ́ kí àmì tí wọ́n ń pè ní Duffy hàn lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Àyípadà yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ibà *Plasmodium vivax* rọ́nà wọlé sínú sẹ́ẹ̀lì wọn pẹ̀lú ìrọ̀rùn, niutirófìlì tó ń káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ wọn sì máa ń kéré, láìjẹ́ pé agbára ara wọn láti bá kòkòrò jà dín kù. Bí ilé àyẹ̀wò bá lo gbèdéke tí wọ́n rí lára àwọn ènìyàn tó ní àmì Duffy, L ni ẹ̀rọ yóò máa tẹ̀ fún àwọn wọ̀nyí títí ayé. Ibí yìí ni "ìwọ̀n ìlera" ti bínú mi jù lọ, nítorí pé ó ń sọ fún odidi ìran kan pé ara wọn kò pé. A ti fún àwọn kan ní oògùn tó dín kù sí èyí tó yẹ, a sì ti dá ìtọ́jú àwọn mìíràn dúró, nítorí L yìí nìkan. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ó bá jẹ́ pé láti 4.0 ni niutirófìlì ti já wálẹ̀ sí 1.4, tàbí bí ó bá wọ abẹ́ 0.5, níbi tí àkóràn ti lè pa ènìyàn.

Ó wá ku kiriátíníìnì, tí ẹ̀rọ fojú fò dá. Pàǹtírí tí iṣan ń mú jáde ni, kíndìnrín ló sì ń sẹ́ ẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, 68 ni ti ọkùnrin yìí. 106 ni báyìí. Àárín gbèdéke ni méjèèjì wà, ṣùgbọ́n bàtà ti há. Bí a bá fi ìlànà ìṣirò tó ń lo ọjọ́ orí, ìyàtọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, àti kiriátíníìnì ṣírò ohun tí kíndìnrín rẹ̀ ń sẹ́, èyí tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sórí ìwé lábẹ́ eGFR, yóò jẹ́ nǹkan bíi 110 lọ́dún tó kọjá àti nǹkan bíi 74 báyìí. Ó ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta tó lọ, láìsí àmì kankan.

Kí a tó fi èyí wé èyí, òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ilé àyẹ̀wò mìíràn ì bá kọ 106 yẹn sílẹ̀ ní 1.2 mg/dL, ẹni tó bá sì ka iye láìka òṣùwọ̀n yóò rò pé ó ti já láti 68 sí 1.2. Lẹ́yìn náà ni a ó wá bèèrè bóyá ó jẹ ẹran púpọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, bóyá ó ń lo kiriátíìnì láti fi kọ́ iṣan, tàbí bóyá ó ń mu oògùn bíi tirimẹtopírìmù, tó máa ń gbé kiriátíníìnì ga láìba kíndìnrín jẹ́. Bí kò bá sí ọ̀kankan níbẹ̀, wọn yóò tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn yóò wọn ìfúnpá rẹ̀, wọn yóò sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá álíbúmìnì, irú purotéènì kan, wà níbẹ̀. 74 nìkan kò tó láti sọ pé àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti wọlé; àfi bí àmì pé kíndìnrín ti bàjẹ́ bá wà, irú bíi álíbúmìnì tó ń jáde nínú ìtọ̀, tàbí bí eGFR bá wọ abẹ́ 60, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju oṣù 3 lọ.