Ìdí tí wọn kì í fi gbé ojú inú fọ́tò kan sínú òmíràn nínú ìròyìn

Ká ní wọ́n ń ṣí ọjà tuntun kan ní Èbúté Mẹ́ta. Kọmíṣọ́nnà mú àlùmọ́gàjí dání, ìyálọ́jà dúró tì í, èrò sì pọ̀ lẹ́yìn wọn. Ayafọ́tò tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Fọ́tò kejì ló bọ́ sákòókò jù, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni àlùmọ́gàjí ń gé rìbọ́n, àmọ́ ìyálọ́jà dijú. Nínú ìkẹrin, ojú rẹ̀ là, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n rìbọ́n ti wà nílẹ̀.

Ó máa ń wu èèyàn láti gé ojú inú ìkẹrin, kó fi dípò tinú ìkejì. Fóònù míì tiẹ̀ ń bá èèyàn ṣe é: Google gbé Pixel 8 jáde lọ́dún 2023 pẹ̀lú Best Take, tó ń ṣa ojú tó dára jù nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n yà tẹ̀ léra. Bó bá jẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó ni, ta ló máa bínú? Ti ìròyìn yàtọ̀.

Ìyálọ́jà rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Wọ́n gé rìbọ́n lóòótọ́. Pé ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń gé e ni kò ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló dápàárá lẹ́yìn tí wọ́n gé e tán. Bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù bá sì ń jà lórí owó ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà yẹn, ẹ̀rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn yìí ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú ìjà náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó lẹ̀ ẹ́ lè má mọ̀.

Ìdí nìyí tí òfin AP, iléeṣẹ́ ìròyìn tó ń pín fọ́tò káàkiri ayé, fi sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun kún fọ́tò, wọn ò sì gbọ́dọ̀ yọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Wọn ò gbà kí ayafọ́tò pa ojú pípọ́n tí iná kámẹ́rà fà rẹ́. Ohun tí wọ́n gbà ò ju gígé etí fọ́tò, títún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ṣe níwọ̀nba, àti yíyọ eruku tó lẹ̀ mọ́ kámẹ́rà. Nítorí náà, ọ̀nà tó kù fún ayafọ́tò ọjà yìí ni kó fi ìkejì ránṣẹ́ pẹ̀lú ojú dídì náà, tàbí kó fi ìkẹrin ránṣẹ́, kó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti gé rìbọ́n tán.

Báwo ni olóòtú ṣe máa mọ̀ bó bá ti lẹ̀ ẹ́? Òjìji ò lè ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, torí oòrùn kan náà ló ran fọ́tò méjèèjì. Ẹ̀yìn orí ni kó wò. Ẹni tó gé ojú máa ń gé díẹ̀ mọ́ ọn lára etí gèlè, àwọn èrò tó wà lẹ́yìn á sì bá a wá. Lọ́dún 2003, Brian Walski ti ìwé ìròyìn Los Angeles Times lẹ fọ́tò méjì pọ̀, ti ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan àtàwọn ará ìlú nítòsí Basra ní Iraq. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé e sí. Àwọn kan tó wà lẹ́yìn ló hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀, ohun tó tú u fó nìyẹn, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n fífi ojú wò ó nìkan kò tó. Kí olóòtú béèrè fáìlì RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kọ́kọ́ kọ tí wọn ò tíì tún ṣe, tàbí JPEG bó ṣe jáde látinú kámẹ́rà, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n yà ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá tò wọ́n tẹ̀ léra, ojú tó là nínú ìkejì kò ní bá fáìlì ìkejì mu, inú ìkẹrin ló ti máa rí i. Ayafọ́tò tó bá ní òun ti pa ìyókù rẹ́, kí wọ́n má lo fọ́tò rẹ̀.

Àwòrán àlẹ̀pọ̀ ní àyè tirẹ̀, bíi lára àpilẹ̀kọ tí ẹnì kan fi sọ èrò ọkàn rẹ̀ tàbí iwájú ìwé ìròyìn, tí wọ́n bá kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé àlẹ̀pọ̀ ni. Ara rẹ̀ ni mo wí o. Lọ́dún 2005, ìwé ìròyìn Newsweek ti Amẹ́ríkà gbé orí Martha Stewart, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n, lé ara ẹlòmíì síwájú ìwé wọn, inú ni wọ́n sì kọ àlàyé sí. Ẹni tó rí i lórí tábìlì fẹ́ńdọ̀ kò ní ṣí inú kó tó gbà á gbọ́. Bí àlẹ̀pọ̀ bá sì jọ fọ́tò gidi jù, ó sàn kí wọ́n yà á bí àwòrán ọlọ́dà, kó má baà jọ ẹ̀rí.

Bí èyí tí wọ́n lẹ̀ bá ti jáde, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n yí padà gan-an, wọ́n á sì lọ yẹ iṣẹ́ ayafọ́tò náà àtẹ̀yìnwá wò. Lọ́dún 2006, iléeṣẹ́ ìròyìn Reuters rí i pé Adnan Hajj, ayafọ́tò kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, fi èéfín kún fọ́tò tó yà ní Beirut, ní Lebanon. Gbogbo fọ́tò rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn, 920, ni wọ́n kó kúrò lára èyí tí wọ́n ń tà.