Wọ́ọ̀tì àti yúníìtì: bí a ṣe ń pín owó sólà láàrin àwọn ayálégbé ilé fúláàtì

Bí ẹnìkan bá gbé ọ̀rọ̀ sólà wá sí ìpàdé ilé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "Èló ni?" Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn yóò ní kí wọ́n kàn pín iye náà sí ọ̀nà mẹ́fà, torí pé fúláàtì mẹ́fà ló wà nínú ilé. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń tan gílóòbù àti fáànù kan kò fẹ́ san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní fírísà, ó sì jàre. Kí a tó dárúkọ owó rárá, ó yẹ kí gbogbo ilé mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọ́ọ̀tì àti yúníìtì, torí òun ni a ó fi pín owó náà.

Wọ́ọ̀tì ni iye iná tí ohun èlò ń fà lásìkò tó ń ṣiṣẹ́. Yúníìtì, èyí tí a ń rà sórí mítà NẸ́PÀ, ni àpapọ̀ ohun tó fà láti ìgbà tí a ti tàn án títí tí a fi pa á. Ẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì fún wákàtí kan ni yúníìtì kan. Ẹ wo áyọ́ọ̀nù tó ń fa 1,000 wọ́ọ̀tì. Bí a bá fi lọ aṣọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdámẹ́rin yúníìtì péré ló jẹ. Fáànù tó ń fa 70 wọ́ọ̀tì láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀ jẹ yúníìtì 0.7, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti áyọ́ọ̀nù. Síbẹ̀ áyọ́ọ̀nù ló lè mú kí ínfátà já, kì í ṣe fáànù.

Ẹ fi ojú ẹ̀rọ omi àti táńkì wò ó. Bí ẹnu ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ iye garawa tí a lè gbé sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iye omi tó wà nínú táńkì ló ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó gbẹ. Ínfátà ni ẹnu ẹ̀rọ, wọ́ọ̀tì la fi ń wọ̀n ọ́n. Bátìrì ni táńkì, yúníìtì la fi ń wọ̀n ọ́n. Páńẹ́ẹ̀lì tó wà lórí òrùlé ló ń pọn omi sínú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń wà níwájú àwọn ayálégbé. Olúkúlùkù lè ra tirẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé kan kì í gba páńẹ́ẹ̀lì ènìyàn mẹ́fà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n tún lè ra ínfátà àti bátìrì láìsí páńẹ́ẹ̀lì, kí NẸ́PÀ máa gba agbára sí i. Èyí dára ní àdúgbò tí iná ń pẹ́. Kí ẹ rántí ṣá pé a ó san owó yúníìtì náà: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná gbé owó yúníìtì àwọn tó wà ní Báàǹdì A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, lọ sí ₦225, kó tó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Díẹ̀ nínú yúníìtì tó bá gba inú bátìrì kọjá sì máa ń ṣòfò lọ́nà. Ọ̀nà kẹta ni kí gbogbo ilé pawọ́ pọ̀ ra ẹyọ kan. Òun ló ń dín owó kù jù lọ, òun náà ló nílò àdéhùn jù lọ, nítorí náà òun ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé fúláàtì mẹ́fà kan ní Ìbàdàn. Ní fúláàtì kan, gílóòbù márùn-ún tí wọ́n ń tàn fún wákàtí márùn-ún ń jẹ yúníìtì 0.25 lójúmọ́. Fáànù kan tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú ń jẹ 0.7, tẹlifíṣọ̀n 0.4, fíríìjì bí 1, fóònù àti kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ 0.15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 2.5. Fúláàtì márùn-ún rí báyìí. Ìyá tó wà ní fúláàtì kẹfà ń ta omi tútù, ó ní fírísà àti fáànù kejì, tirẹ̀ jẹ́ yúníìtì 5. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga àti iná ẹnu géètì jẹ́ ti gbogbo ilé, wọ́n ń jẹ 1.5. Gbogbo rẹ̀ di yúníìtì 19 lójúmọ́.

Ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, a lè fi ọkàn tán wákàtí mẹ́rin tí oòrùn yóò fi mú dáadáa lójúmọ́, ká sì yọ ìdámẹ́rin kúrò fún ooru, eruku àti ohun tó ń ṣòfò nínú wáyà. Páńẹ́ẹ̀lì méjìlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550 wọ́ọ̀tì yóò mú nǹkan bíi yúníìtì 19.8 wá, ó tó. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, bí oòrùn bá mú fún wákàtí mẹ́ta péré, yóò wálẹ̀ sí bíi 15. Ẹ sọ èyí fún wọn ní ìpàdé àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa pariwo nígbà òjò pé wọ́n tan òun jẹ.

Láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, ilé yìí yóò lo yúníìtì bíi 11. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó jẹ́ yúníìtì 15 yóò gbé e, nítorí a lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìṣe é léṣe. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi ni, ìdajì péré ló yẹ ká máa lò, kó má bàa tètè kú. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tó rọjú lójà fi lè wọ́n ju lítíọ́ọ̀mù lọ tí ọdún bá ti gorí ọdún.

Ní ti ínfátà, ẹ má wo kVA tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ara rẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè iye kW. Èyí tí wọ́n kọ 10 kVA sí lè jẹ́ 8 kW péré, ìyẹn 8,000 wọ́ọ̀tì, òun ni a ó sì lò fún ilé wa yìí.

Wàyí o, a lè dá ìpín sílẹ̀. Ìpín kan ni yúníìtì 2.5 lójúmọ́ àti 1,000 wọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Fúláàtì márùn-ún mú ìpín kọ̀ọ̀kan, ìyá olómi tútù mú méjì, ó di ìpín méje. Wọ́ọ̀tì gbogbo wọn jẹ́ 7,000, ẹ̀rọ omi tó ń fa 750 sì ráyè. (Ọ̀sán ni kí wọ́n máa fa omi o. Ẹ̀rọ omi máa ń fa ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta agbára rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra.) Bí owó gbogbo iṣẹ́ náà bá jẹ́ ₦7,000,000, iye tí mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ, ìpín kan jẹ́ ₦1,000,000, ìyá yóò sì san ₦2,000,000. Ká ní a pín in dọ́gba ni, fúláàtì kọ̀ọ̀kan ìbá san nǹkan bí ₦1,167,000, àwọn márùn-ún ìbá sì ti bá ìyá san ₦833,000 láìmọ̀.

Ìpín tí kò sí ohun tó ń ṣọ́ ọ kì í ṣe ìpín. Mítà kékeré gbọ́dọ̀ wà fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí a lè fi òdiwọ̀n wọ́ọ̀tì sí. Bí ẹnìkan bá ki kẹ́tùlù 2,000 wọ́ọ̀tì bọ iná ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mítà rẹ̀ nìkan ni yóò já, àwọn tó kù kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Láìsí òdiwọ̀n yìí, ínfátà ló lè já, kí gbogbo ilé sì ṣókùnkùn nítorí tíì ẹnì kan.

Mítà yìí náà la ó fi gba owó oṣooṣù. Ká ní bátìrì kó ₦3,000,000 nínú owó iṣẹ́ náà, tí a sì fẹ́ fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú owó bátìrì òmíràn, ₦25,000 ni ilé gbọ́dọ̀ máa fi pamọ́ lóṣù. Ẹ fi ₦6,500 kún un fún fífọ páńẹ́ẹ̀lì àti àtúnṣe. Àwọn fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń lo yúníìtì 525 lóṣù, nítorí náà ₦60 ni yúníìtì kan. Ẹni tó lo 75 yóò san ₦4,500, ẹni tó lo 150 yóò san ₦9,000. Ẹni tó rin ìrìn àjò ní oṣù náà kò ní san owó iná tí kò tàn.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ta sólà kì í sábà dá sí: mítà NẸ́PÀ ta ni yóò máa gba agbára sí bátìrì bí oòrùn kò bá tó? Mítà fúláàtì tó sún mọ́ ibi tí ínfátà wà jù lọ ni oníṣẹ́ máa ń fa wáyà láti inú rẹ̀, yúníìtì ẹni náà a wá máa tán ní ìlọ́po ìlọ́po. Bí ilé bá ní mítà ti gbogbogbò, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti fà á. Bí kò bá ní, ẹ má jẹ́ kí NẸ́PÀ kan bátìrì náà rárá. Kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní ṣéńjì-ófà tirẹ̀, kó máa yí sí NẸ́PÀ nígbà tó bá wù ú. Ṣéńjì-ófà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń já ọ̀kan kó tó kan èkejì. Bí iná méjèèjì bá pàdé nínú wáyà fúláàtì kan ṣoṣo, ínfátà tí gbogbo ilé dáwó rà lè jóná ní ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ tó san owó ìkẹyìn fún oníṣẹ́, ẹ pa ínfátà, kí NẸ́PÀ wà, kí ẹ sì wọlé láti fúláàtì dé fúláàtì, kí oníṣẹ́ náà fi ẹ̀rọ ìwọ̀nná wò ó bóyá iná wà lórí wáyà ínfátà. Bó bá wà, wọ́n ti so nǹkan pọ̀ níbì kan.

Bí ayálégbé kan bá ní òun kò ṣe, ẹ dín iṣẹ́ náà kù sí iye ìpín tó ṣẹ́kù, kí ẹ má pín tirẹ̀ mọ́ àwọn tó kù lórí. Ẹ kàn jẹ́ kí oníṣẹ́ fi páìpù wáyà sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bóyá yóò yí ọkàn padà lọ́jọ́ kan.

Ẹni tó ń kó lọ ló kù. Òrùlé jẹ́ ti onílé, nítorí náà ìwé àṣẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó kan ìṣó kan, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ayálégbé ló ni ẹrù náà. Kí ìwé náà tún sọ iye tí ìpín ń dín lọ́dọọdún. Bí a bá fi ìdámẹ́wàá ṣe é, ẹni tó san ₦1,000,000 tó sì kó jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yóò gba ₦700,000 lọ́wọ́ ẹni tó gba fúláàtì rẹ̀. Bí ayálégbé tuntun bá kọ̀ ọ́, onílé ni kó ra ìpín náà, kó sì fi kún owó ilé. Bí onílé kò bá gbà láti fọwọ́ sí gbólóhùn yìí, kí ayálégbé tó mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ nínú ilé náà ra ínfátà kékeré tó lè gbé lọ.